Ṣáàsì bọ́tìnì méjì ni a fi sí i, àmọ́ táńkì wa tún ń tètè gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Ìyá Fọláké, Kétu

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Omi ọkọ̀ là ń rà nílé wa, lítà 1,000 ní 3,000 sẹ́fà, táńkì wa sì wà lórí pẹpẹ mítà 3. Ènìyàn 6 ni wá. Tẹ́lẹ̀, táńkì kan máa ń gbé wa ọjọ́ 4. Lóṣù tó kọjá, bàbá Fọláké ra ẹ̀rọ bọ́tìnì méjì, ó ní kí wọ́n fi sínú ṣáàsì wa àtijọ́, àpótí omi tí a fi ń ṣan àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó tún ra àwọn òrùka kékeré tó ń fún omi lọ́rùn, wọ́n fi sí gbogbo robinẹ́, títí dé ẹnu páìpù tó ń bu omi sínú ṣáàsì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24,000 sẹ́fà. Ẹ wá wo nǹkan o: ọjọ́ 3 àbọ̀ ni táńkì ń tán báyìí. Robinẹ́ ilé ìdáná sì ń sun tó-tó-tó bí omijé. Kí la ṣe tí kò dáa?

Tísà Ṣakétẹ́

Ẹ kú ìnáwó, Ìyá Fọláké. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Àwọn ṣáàsì àtijọ́ sábà máa ń gba lítà 9. Tí olúkúlùkù yín bá lò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, 12 lọ́nà 9, lítà 108 nìyẹn. Tuntun yín, bọ́tìnì ńlá ń lo lítà 6, kékeré ń lo lítà 3. Tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tẹ ńlá lẹ́ẹ̀kan, kékeré lẹ́ẹ̀kan, lítà 54 ni. Ó yẹ kí ẹ ti jèrè ìdajì. Ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bọ́tìnì ńlá làwọn ọmọ ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ rọ yanrìn sínú ìgò lítà kan àbọ̀, kí ẹ gbé e sínú ṣáàsì, kí omi tó ń wọ ibẹ̀ lè dín. Kí ẹ sì fi òrùka kan sí páìpù ńlá tó ti táńkì wá, kí ó lè dín ti gbogbo ilé kù lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá Ẹlẹ́kọ, Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin lẹ lówó. Èmi, omi tí mo bá fi fọ aṣọ ni mo ń gbé lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kékeré garawa kan, mo dà á wàì lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ. N kò ra bọ́tìnì kankan.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ pulọ́ńbíè ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ogún ọdún. Ìyá Fọláké, ẹ má tíì bá àwọn ọmọ jà. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dá mi lóhùn lórí méjì.

Àkọ́kọ́, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ńlá lẹ́ẹ̀kan, ṣé gbogbo rẹ̀ máa ń lọ, àbí ẹ tún máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ sọ òótọ́ o.

Èkejì, ṣé omi ò máa jò wọnú àwo láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé etí yín. Irú ẹ̀rọ yìí, rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló jókòó sórí ihò nísàlẹ̀ tó dí omi mọ́. Tí yanrìn bíńtín bá kọ́ sábẹ́ rọ́bà yẹn, omi á máa yọ́ lọ ní ẹ̀yìn àwo, kò ní dún, ojú kò sì ní tètè rí i. Ẹ ṣe bísápù pupa tó dúdú dáadáa, ẹ da ife kan sínú ṣáàsì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ìdajì wákàtí. Tí omi inú àwo bá pọ́n, ó ń jò nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ti robinẹ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàsì pa, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà síbi tí omi dé nínú, ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Ẹ bá mi wọn gígùn àti ìbú inú ṣáàsì náà.

Tísà, ìṣirò yín dára, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé ìgò sínú ṣáàsì yẹn. Nínú ti àtijọ́ tó ń gba lítà 9, ìgò wúlò, mo ti ṣe é fún ènìyàn púpọ̀. Nínú ti bọ́tìnì méjì, àyè kò sí. Ìgò á fara ti ẹ̀rọ tàbí bọ́ọ̀lù tó ń léfòó, rọ́bà kò sì ní jókòó dáadáa mọ́. Ọ̀rọ̀ òrùka páìpù ńlá, n ó padà sórí rẹ̀.

Baálé Ilé, Ṣábẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi náà! Pọ́ǹpù ni. Kànga ẹ̀rọ lèmi gbẹ́, pọ́ǹpù kékeré kan ló ń ti omi láti táńkì ilẹ̀ wọ inú ilé. Láàárín òru, a ti sùn, ẹ ó gbọ́ ọ: tàkà! Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, tàkà! Ìyàwó mi ní iwin ni. Ẹ pààrọ̀ àpótí iná tó ń tan pọ́ǹpù náà, Ìyá Fọláké. Èmi ti pààrọ̀ tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Fọláké, Kétu

Baálé, ẹ ṣé o, àmọ́ àwa kò ní pọ́ǹpù. Orí pẹpẹ ni omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Baálé, tí ẹ bá pààrọ̀ àpótí yẹn lẹ́ẹ̀kẹta, yóò tún máa dún. Pọ́ǹpù yín kò ṣàìsàn. Tí kò bá sí ẹni tó ṣí robinẹ́ lóru tí ó sì ń tan, omi ń jáde níbì kan, agbára inú páìpù ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ibi tó ní láti tan. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lálẹ́ òní, ẹ ti robinẹ́ ẹ̀gbẹ́ gbogbo ṣáàsì yín pa, kí ẹ sùn. Tí ó bá dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹ ti rí iwin yẹn.

Baálé Ilé, Ṣábẹ̀ẹ́

Háà. Ṣáàsì bọ́tìnì méjì lèmi náà fi sí àwọn yàrá méjèèjì ní ọdún tó kọjá. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀.

Ìyá Fọláké, Kétu

Mo ti ṣe é. Fọláké ti mu ìdajì bísápù kí n tó dé, mo ní láti tún òmíràn sè. Mo da ife kan sí i, mo ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 25, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣàn wálẹ̀ lẹ́yìn àwo, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tí a fi ń kó irun. Tí kì í bá ṣe àwọ̀ yẹn, n kò lè rí i láé. Ìlà pẹ́ńsù, omi ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Rúlà ilé ìwé ni mo fi wọn inú rẹ̀: 40 ní gígùn, 15 ní ìbú.

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ìgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń tẹ ńlá. Ti àkọ́kọ́ kàn ń yí i po ni.

Tísà Ṣakétẹ́

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ìyẹn. 40 lọ́nà 15 lọ́nà 4 jẹ́ 2,400, lítà 2 ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Tí ẹ bá sọ ọ́ di wákàtí 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 58. Lítà 58 lójúmọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan! Mo gba ẹ̀bi, mo ti fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ láìṣẹ̀.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Ó tiẹ̀ lè ju 58 lọ díẹ̀, torí pé bí omi ṣe ń rẹlẹ̀ nínú ṣáàsì tí ẹ ti pa ni jíjò náà ń rọ̀. Nígbà tí robinẹ́ bá ṣí, omi ń kún padà ni, á máa jò pẹ̀lú agbára kan náà tọ̀sán-tòru. Ẹ wá fi kún un pé ẹ ń tẹ ńlá lẹ́ẹ̀mejì: lítà 12 dípò 9 tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọjọ́ 4 yín gbà di 3 àbọ̀ nìyẹn.

Jíjò ni ká kọ́kọ́ wò. Omi ọkọ̀ máa ń gbé yanrìn àti ìpẹtà wá. Ṣáàsì àtijọ́ kan wà tó ń fa omi gba orí ọ̀fun tó tẹ̀, tí kò ní rọ́bà nísàlẹ̀ rárá, kò mọ bí a ti ń jò sínú àwo bẹ́ẹ̀. Èyí ni owó tí bọ́tìnì méjì ń gbà lọ́wọ́ ẹni: ó ń ṣọ́ omi, kò sì fẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ ti robinẹ́ ẹ̀gbẹ́ pa, ẹ tẹ bọ́tìnì ńlá kí ṣáàsì gbẹ, ẹ ṣí ìdérí. Ẹ di ẹ̀rọ àárín mú, ẹ yí i díẹ̀ sí apá òsì, bíi pé ẹ ń ṣí ìdérí ìgò, á já. Lábẹ́ rẹ̀ ni rọ́bà náà wà. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Ẹ fi ìka gba etí ihò tó ń jókòó lé yípo, ẹ ó mọ yanrìn lára. Tí etí rọ́bà ọ̀hún bá ti ní ojú ibì kan tó tẹ̀ wọlé, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, èyí tó wà lókè kó bọ́ sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ṣeé dojú dé bẹ́ẹ̀. Ẹ dá a padà, ẹ tún da bísápù sí i. Tó bá ṣì pọ́n, ẹ wo ọ̀pá bọ́tìnì tó wà lábẹ́ ìdérí: tí ó bá gùn jù, ìdérí á máa tẹ ẹ̀rọ náà nígbà gbogbo, rọ́bà kò ní jókòó láé. Ẹ gbé ìdérí kúrò, tí jíjò bá dáwọ́ dúró, ọ̀pá ni ẹ gbọ́dọ̀ dín.

Kí ẹ sì so aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹnu táńkì nígbà tí ọkọ̀ bá ń tú omi.

Ọ̀rọ̀ àwo. Àwo àtijọ́ yín, lítà 9 ni wọ́n mọ ọ́n fún. Ọ̀nà inú rẹ̀ fẹ̀, ó nílò omi púpọ̀ tó dé lẹ́ẹ̀kan kó tó lè fa ohun inú rẹ̀ lọ. Lítà 6 kò tó o. Ẹni tí kò fẹ́ ra àwo tuntun, kí ó gbé ìwọ̀n bọ́tìnì sókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àárín, ẹ ó rí kinní kékeré kan tó ń yọ́ sókè-sódò, pẹ̀lú nọ́ńbà lára. Ẹ sún un sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ó lè gbà yín ní lítà 7. Lítà 7 lẹ́ẹ̀kan sàn ju 6 lẹ́ẹ̀mejì.

Súlé, Kétu

Ọ̀gá Páìpù, ti òrùka ńkọ́? Wọ́n ń ta òun náà níbí, wọ́n ní ó ń dín omi kù ní ìdajì.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Irọ́ kọ́, àmọ́ ó wà lọ́wọ́ ibi tí omi ẹni ti ń bọ̀. Lára òrùka ẹ ó rí i tí wọ́n kọ bíi «5 l/min» sí. Báà 3 ni wọ́n sábà fi ń wọn irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, níbi tí omi ìjọba ti ń ta dáadáa tàbí tí pọ́ǹpù ń tì í, òrùka ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ wá wo ti Ìyá Fọláké. Mítà 10 sókè ló ń fún wa ní báà 1. Pẹpẹ mítà 3, robinẹ́ ga tó mítà kan sílẹ̀, tí ẹ bá ka omi inú táńkì mọ́ ọn, kò ju mítà 2 àbọ̀ lọ: ìdá mẹ́rin báà kan. Agbára yẹn kéré sí báà 3 ní ìlọ́po 12. Omi kì í dín tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń dín ní nǹkan bí ìlọ́po 3 àbọ̀. Lítà 5 á di bíi lítà 1 àbọ̀ níṣẹ́jú kan. Omijé tí ẹ ń rí ní ilé ìdáná nìyẹn. Àwọn òrùka tí rọ́bà wọn rọ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bí omi bá ṣe ń rọ, wọ́n sàn díẹ̀. Èyí tó jẹ́ ihò lásán lára ike, kò ní àánú.

Ẹ tún rántí pé garawa kò mọ òrùka. Garawa lítà 15 máa gba lítà 15, yálà ìṣẹ́jú 2 tàbí ìṣẹ́jú 10 ló fi kún. Ilé tí gbogbo wọn ń fi garawa wẹ̀, tí wọ́n ń fi ọpọ́n fọ àwo, òrùka kò fi nǹkan pamọ́ fún wọn níbẹ̀ ju ìbínú lọ. Ibi tí omi ti ń ṣàn lọ láìsí ohun tí a gbé sábẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ti ń jẹ́: ṣáwà, ibi ìfọwọ́, ẹni tó ń fọ eyín tí robinẹ́ ń ṣí.

Bákan náà ni ti páìpù ṣáàsì. Omi á máa wọlé títí yóò fi dé ìlà tí bọ́ọ̀lù máa fi tì í, òrùka kò yí ìlà yẹn padà. Ohun tó ṣe fún yín ni pé ṣáàsì tó ń kún ní ìṣẹ́jú 1 ń gba 4 báyìí, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kó tó kún kò ní rí agbára, á tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ ìyẹn lónìí.

Tísà, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí òrùka wà ní páìpù ńlá.

Súlé, Kétu

Àlùwàlá ni mo ní lọ́kàn. Bàbá mi ti fi búútà sílẹ̀, robinẹ́ ló ń ṣí báyìí, ó sì ń fara balẹ̀.

Màmá Ẹlẹ́kọ, Àjàṣẹ́

Ẹ dá búútà padà fún un. Lítà kan àbọ̀ tó o, kò sì ní ìrìn-àjò sí ọjà.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Màmá ti bá mi sọ ọ́. Tí robinẹ́ bá ń ṣàn lítà 4 níṣẹ́jú kan, tí Bàbá sì lo ìṣẹ́jú 3, lítà 12 ti lọ. Tí Bàbá bá kọ̀ láti padà sí búútà, ibẹ̀ ni òrùka ti wúlò, àní lórí táńkì. Omi tó rọra ń ṣàn kì í ni ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lára.

Màmá, omi ìfọṣọ yín dára, inú àwo gan-an ni kí ẹ máa dà á sí bí ẹ ti ń ṣe. Mo rí ilé kan tí wọ́n dà á sínú ṣáàsì. Òwú aṣọ àti ìfófó ọṣẹ ti bo rọ́bà bí jẹ́lì, ó ń jò yàà.

Baálé Ilé, Ṣábẹ̀ẹ́

Mo ti ti àwọn ṣáàsì pa lánàá. Pọ́ǹpù kò dún títí di àárọ̀. Mo ṣí ti yàrá àwọn ọmọ nìkan: tàkà! Òun ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà. Nígbà tí mo gbọ́ nípa òrùka, mo fi ọ̀kan sí àárín táńkì àti pọ́ǹpù kí gbogbo ilé lè dín omi. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí kígbe bíi pé òkúta wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Ẹ yọ ọ́ kíákíá, Baálé! Ẹnu tí pọ́ǹpù fi ń mu omi kò gbọdọ̀ há. Tí omi kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó bó ṣe ń fà, omi á bẹ̀rẹ̀ sí hó nínú rẹ̀, igbe tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn, á sì jẹ irin inú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ robinẹ́ lọ́hùn-ún ni kí òrùka wà. Ìyẹn náà, tí ẹ kò bá ní kòkò afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, omi díẹ̀díẹ̀ lè mú kó máa tan, kó máa kú léraléra. Ṣé kòkò pupa kan wà lára rẹ̀?

Baálé Ilé, Ṣábẹ̀ẹ́

Ó wà, àmọ́ tí mo bá fi ọwọ́ gbá a, ó ń dún bí ohun tó kún fún omi pátápátá.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti tán tàbí àpò inú rẹ̀ ti ya. N kò lè sọ èwo láti ibi tí mo wà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ẹ bí táyà. Tí omi bá jáde níbẹ̀, ó ti ya.

Ìyá Fọláké, Kétu

Mo mú ìròyìn wá. Yanrìn ni! Ẹyọ mẹ́ta péré ni mo rí lára rọ́bà, tó kéré ju ọmọ ògì lọ. A fọ̀ ọ́, a dojú rẹ̀ dé, bísápù kò pọ́n mọ́. Bọ́tìnì ńlá, nígbà tí a gbé e dé 7, ẹ̀ẹ̀kan ló ń kó o lọ. Kékeré kò ṣe tán dáadáa ní 3, a gbé e sí 3 àbọ̀. A yọ òrùka ilé ìdáná, ti páìpù ṣáàsì àti ti ibi tí a ti ń pọn omi ìwẹ̀. Ti ibi ìfọwọ́ nìkan ló kù.

Táńkì tí a kún ní ọjọ́ Àlàmísì, àárọ̀ òní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló tó tán. Ọjọ́ 5 nìyẹn.

Tísà Ṣakétẹ́

Ìṣirò mi bá a mu o. Lítà 250 lójúmọ́ ti di bíi 200 ó lé díẹ̀. Ẹ ń dá nǹkan bí lítà 1,350 dúró lóṣù, ó tó 4,000 sẹ́fà. Oṣù 6 ni 24,000 máa padà wọlé, tí ẹ bá ka owó òrùka tí ẹ yọ sílẹ̀ mọ́ ọn.

Màmá Ẹlẹ́kọ, Àjàṣẹ́

Èmi kò tíì gbà. Àbúrò mi ní Pọ́bẹ̀ fi irú rẹ̀ sí ilé, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, páìpù tó lọ sí kòtò dí. Omi kékeré yẹn kò gbé ìgbẹ́ dé ibẹ̀.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀, Màmá, n kò ní jiyàn. Ó kù sí bí kòtò ṣe jìnnà tó, àti bí páìpù ṣe tẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ń fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, mo ti rí i tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mítà 10 ni kó mọ, àwọn kan ní ó lè gùn jù bẹ́ẹ̀. Ìyá Fọláké, kòtò yín jìnnà tó báwo?

Ìyá Fọláké, Kétu

Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ 19 láti ògiri. Bó ṣe rẹlẹ̀ tó lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tó gbé páìpù náà nìkan ló mọ̀, ó sì ti kó lọ sí Kútọnu.

Màmá Ẹlẹ́kọ, Àjàṣẹ́

Ẹ máa da garawa omi ìfọṣọ kan sí i ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè fọ páìpù. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Páìpù, Àjàṣẹ́

Èyí, mo gbà. Inú àwo o, Ìyá Fọláké, kì í ṣe inú ṣáàsì.